Àpótí Fọ́tò Ìyá: Èwo Ni Kí A Fi Pamọ́, Èwo Ni Kí A Jù Nù?

Bí àgbà bá kú ní ilẹ̀ wa, tí a sin ín tán, tí àlejò ti padà sí ilé wọn, ẹbí a jókòó láti pín ogún. Ilẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ilé a tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ó wá kan aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti àwo. Orí nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ ti ń gùn, àwọn ni ó sì ń mú kí àbúrò bínú sí ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ogún kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í du, tí a kì í tilẹ̀ rántí kà mọ́ ogún. Ògbólógbòó àpótí fọ́tò ni, tí ó wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí àjà. Ẹni tí ó bá ń gbálẹ̀ yàrá ni ó máa ń rí i, ẹni náà ni ó sì máa ń pinnu, láàárín wákàtí kan, ohun tí yóò wà àti ohun tí yóò di eérú.

Ìtàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Obìnrin ni, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, Ìkàrẹ́ Àkókó ni ó sì ń gbé. Ọ̀kà Àkókó ni ìyá rẹ̀ kú sí, lẹ́yìn tí ó ti lo ọdún tí ó ju ọgọ́rin lọ láyé. A kò ní dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, nítorí ọ̀rọ̀ inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà. Ìdòwú ni a ó máa pè é. Orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ni, ẹ̀yin tí ẹ bá sì bá wa dé ìparí yóò rí i pé orúkọ náà ní ohun tí ó ń ṣe nínú ìtàn yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Ìdòwú gun orí òkè lọ sí Ọ̀kà láti tún yàrá ìyá rẹ̀ ṣe. Lábẹ́ ibùsùn, lẹ́yìn ìkòkò àti ẹní tí a ká, ó bá àpótí irin kan tí ìpẹtà ti mú ní igun. Nígbà tí ó ṣí i, ó bá agolo bisikíìtì kan nínú rẹ̀ tí fọ́tò kún dé ẹnu, álíbọ́ọ̀mù kan tí ojú ewé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rá, fọ́tò mẹ́fà tí ó wà nínú férémù onígíláàsì, àti àpòòwé kan tí fíìmù mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀, irú fíìmù dúdú tí onífọ́tò fi ń tẹ àwòrán jáde. Ó ka àwọn fọ́tò náà. Méjìdínlọ́gọ́fà ni gbogbo wọn, èyíinì ni 118.

Òun fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé inú òun kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni ó wá sú òun. Ilé rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ kò tóbi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó àti ní òkè òkun, wọ́n sì ti wí fún un pé fọ́tò inú fóònù ti tó àwọn. Nítorí náà ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pín wọn sí òkìtì mẹ́ta. Èyí tí ó dára tí ó sì mọ ẹni inú rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún. Èyí tí ó mọ ẹni inú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dára mọ́ wà ní àárín. Èyí tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ wà ní apá òsì, ó sì ti pinnu pé ẹ̀yìnkùlé ni òun yóò ti dáná sun òkìtì yìí. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, fọ́tò mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni ó wà ní apá òsì. Ìdajì àpótí náà ni.

A kò bá a wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo àṣìṣe tí ó wà nínú ìpín náà. Bí a bá ní èyí tí a mọ̀ ni kí a fi pamọ́, ohun tí a ti ní lórí tẹ́lẹ̀ ni a ń tọ́jú, ohun tí a kò ní ni a sì ń sun. Fọ́tò tí Ìdòwú mọ ẹni inú rẹ̀ kò lè kọ́ ọ ní ohun púpọ̀. Èyí tí kò mọ̀ ni ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀, ìyá náà sì ti tọ́jú rẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún láìní ìdí kan tí ó sọ fún ọmọ. Ó yẹ kí á bi ara wa léèrè pé kí ni ó dé tí àgbà fi tọ́jú rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó dá iná náà dúró ni àbúrò ìyá rẹ̀, ìyá àgbà kan tí òun náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀. Ó wá kí Ìdòwú kú iṣẹ́, ó sì rí òkìtì apá òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀, ó mú fọ́tò kan láàárín wọn, ó sì wò ó títí.

Ó ní, "Ìdòwú, ìwọ ni o fẹ́ sun àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ìdòwú dáhùn pé, "Màmá, ta ni àwọn ọmọ náà? N kò mọ̀ wọ́n."

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ kan ṣoṣo ni o ń wò yẹn."

Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ẹni fi ayùn gé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì ni ó hàn nínú rẹ̀, tí wọ́n jókòó lórí àga méjì tí ó bára mu, nínú aṣọ tí ó bára mu. Ìdòwú ti mọ̀ láti kékeré pé ìbejì ni ó ṣíwájú òun, nítorí orúkọ òun wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wí fún un ni pé àwọn méjèèjì padà ní ìkókó. Kò rí fọ́tò wọn rí, ìyá rẹ̀ kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ wọn mọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ìgbà náà ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó kú sínú.

Ìyá àgbà wá jókòó, ó sì sọ ọ́. Ní 1958 ni a bí àwọn ìbejì náà. Táyé kú ní ọdún kejì, kí ẹnikẹ́ni tó ronú láti ya fọ́tò rẹ̀. Kẹ́hìndé wà. Ní àtijọ́, ère ni à bá gbẹ́ fún Táyé, kí ìyá máa wẹ̀ ẹ́, kí ó máa wọ̀ ọ́ láṣọ, kí inú èyí tí ó kú lè tutù, kí ó má baà wá mú èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ìyá Ìdòwú ti di ọmọ ìjọ, kò fẹ́ ère nínú ilé rẹ̀. Ní 1961, nígbà tí òmìnira orílẹ̀-èdè wa kò tíì ju ọdún kan lọ, bàbá gbé Kẹ́hìndé lọ sí ọ̀dọ̀ onífọ́tò kan ní Ìkàrẹ́, ó sì ní kí ó ya Kẹ́hìndé àti Táyé papọ̀. Onífọ́tò náà kò bèèrè ibi tí Táyé wà. Ó mọ ohun tí a fẹ́. Nígbà tí Ìdòwú fi wà ní ọmọ ọdún méjì, ní 1962, Kẹ́hìndé náà kú. Fọ́tò yìí nìkan ni ó kù láyé tí ó fi hàn pé àwọn méjèèjì wà rí.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa lè rò pé àlá arúgbó ni èyí. Kì í ṣe àlá. Ní 1978, ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Stephen Sprague tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò Yorùbá, èyí tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ó rí i níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí a tó ya wọ́n, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, a ya ọmọ tí ó kù nínú aṣọ ọkùnrin, a tún ya á nínú aṣọ obìnrin, a sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ní àwọn ilé kan, fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ó gba ipò ère ìbejì.

Ọgbọ́n ọwọ́ ni. Nínú yàrá òkùnkùn, onífọ́tò a fi páálí bo ìdajì bébà, a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú fíìmù kọjá sí ìdajì tí ó ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà a gbé páálí náà sí apá kejì, a sún bébà, a sì tún tàn án. Ìgbà tí bébà bá wọ inú omi oògùn ni ọmọ méjì yóò yọ níbi tí ọmọ kan jókòó sí. Iṣẹ́ tí ó le jù ni láti mú kí àárín má ṣe hàn.

Bí a bá fẹ́ mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, àárín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìdòwú gbé ti tirẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì fi gíláàsì tí ó fi ń kàwé wò ó. Ó rí ilà tín-ín-rín kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó dúdú díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ibi ilà náà, iṣẹ́ ọnà orí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gé lójijì, kò bá ti apá kejì mu. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn ọmọ náà. Ìka kan náà ni wọ́n ká. Ìṣẹ́po aṣọ kan náà ni ó wà ní orúnkún wọn. Ìbejì méjì kò lè jókòó kí aṣọ wọn ṣẹ́po bákan náà, bí ó ti wù kí wọ́n jọra tó. Nígbà náà ni ó gbà pé ọmọ kan ṣoṣo ni òun ń wò, ó sì sunkún.

Ẹ̀yin ará, ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí. Kì í ṣe iná nìkan ni ó ń pa fọ́tò run. Bí ìyá àgbà yẹn bá ti kú ní oṣù kan ṣíwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fọ́tò náà ì bá wà lódindi, kò ní jó, kò ní ya, síbẹ̀ yóò ti di òkú, nítorí kò sí ẹni tí yóò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn tí ó mọ ojú ènìyàn bá kú ni fọ́tò ẹni náà ń kú. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe yíyàn. Bíbèèrè ni. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yàn kí ó tó bèèrè, ohun tí kò mọ̀ ni ó ń jù nù.

Ìdòwú kó gbogbo òkìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sínú agolo, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi jókòó ti ìyá àgbà náà, ní òwúrọ̀ nìkan, kí ojú arúgbó tó rẹ̀. Fọ́tò kan ni ó ń fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, kò sì dá a lábàá. Ó ti rí i ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé bí òun bá bèèrè pé, "Ṣé bàbá Ọ̀wọ̀ nìyí?", ìyá àgbà a máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, láti tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bèèrè pé, "Ta nìyí?", ìyá àgbà a dákẹ́, a rò ó, òtítọ́ a sì jáde. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó ń bi í: ta ni, ibo ni, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ náà. Kò bèèrè ọdún, nítorí arúgbó kì í fi ọdún rántí. Ó ń bèèrè pé ṣé kí ẹ tó lọ sí ilé ọkọ ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún ni ó fi ojú ara rẹ̀ wá nínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀kan, lọ́rí kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, awakọ̀ rẹ̀ sì jókòó ní apá ọ̀tún ọkọ̀. Ọwọ́ òsì títì ni a ń rìn ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí a yí sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí fọ́tò náà ti ṣíwájú ọjọ́ yẹn, bí kò tilẹ̀ dájú, nítorí ògbólógbòó ọkọ̀ ṣì wà lójú títì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú òmíràn, pátákó kan wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn tí a kọ "Ìpínlẹ̀ Oǹdó" sí ní èdè òyìnbó. Ní 1976 ni a dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, nítorí náà kò lè ṣíwájú ọdún yẹn. Ẹ̀yìn fọ́tò mẹ́rìnlá ní òǹtẹ̀ onífọ́tò, ó sì fi ìyẹn mọ èyí tí a yà ní Ìkàrẹ́ àti èyí tí a yà níbòmíràn.

Gbogbo ohun tí ó gbọ́ ni ó kọ sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ ni ó lò, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò burú fún iṣẹ́ yìí, nítorí yíǹkì rẹ̀ lè gba inú bébà yọ sí ojú àwòrán, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ sì lè ta jáde ní iwájú bí àpá.

Nígbà tí bíbèèrè parí ni ó tó kan yíyàn. Fọ́tò mọ́kànlá péré ni ó kù tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni inú wọn, nínú mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí ì bá ti sun. Ìlànà tí Ìdòwú wá tẹ̀lé yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì wù wá kí á ṣàlàyé rẹ̀.

Èkíní, kò fi ẹwà ṣe òṣùwọ̀n mọ́. Fọ́tò ìgbéyàwó tí ó mọ́ rekete, tí ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́rin wà nínú agolo, tí òmíràn sì wà lára ògiri ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìyá ìyá rẹ̀, tí ó ti ṣá, tí igun rẹ̀ kan ti ya, òun nìkan ni ó wà ní gbogbo ayé. Ìbéèrè tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Bí èyí bá sọnù, ṣé a lè rí ẹni yìí níbòmíràn?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó fi pamọ́. Mẹ́tàdínlógójì ni ó fi pamọ́ fún ara rẹ̀ lọ́nà yìí.

Èkejì, ó rí i pé ọ̀pọ̀ fọ́tò inú àpótí ìyá òun kì í ṣe ti òun. Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá ya fọ́tò, a fún ọ̀rẹ́ àti ìyekan ní ẹ̀dà. Ẹ̀dà tiwọn ti sọnù nínú ilé tiwọn, ṣùgbọ́n ìyá yìí tọ́jú ti tirẹ̀. Ìdòwú kó fọ́tò mẹ́rìndínláàádọ́ta fún àwọn tí ó ni ín: àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ìyá rẹ̀ ní Ọ̀kà, àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, àti ìdílé onílé kan tí wọ́n ti bá gbé rí. Ó sọ fún wa pé ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún gba fọ́tò ìyá tirẹ̀ lọ́wọ́ òun, ó sì di ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rí ojú ìyá náà láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Fún ọkùnrin yìí, àpótí Ìdòwú níye lórí ju fún Ìdòwú lọ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó jù nù. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ẹ̀dà tí ó pọ̀ jù ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú fọ́tò kékeré ti ìwé ìdánimọ̀ tí ojú ti parẹ́ pátápátá, àti àwọn tí èébu ti jẹ débi pé kò sí ohunkóhun mọ́ lára bébà. Kò sí ẹni tí ó tún pàdánù nínú wọn. Àwọn mọ́kànlá tí a kò mọ̀ kò sí lára wọn. Ó kó ìwọ̀nyí pọ̀ sínú àpòòwé kan láàárín àwọn mẹ́tàdínlógójì, ó sì ń gbé wọn lọ fún àgbà mìíràn wò bí ó bá ti ráyè.

Fọ́tò kan wà tí ó da ọkàn rẹ̀ láàmú. Ìyá rẹ̀ dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn, ẹnì kan sì ti fi abẹ fá ojú ọ̀kan nínú wọn kúrò. Ìyá àgbà wò ó, ó dá a padà, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Ìdòwú ní kí ó jù ú nù, pé ìjà àtijọ́ ni. A bá Ìdòwú rò ó, a sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí ó fi pamọ́. Ìyá rẹ̀ ní abẹ lọ́wọ́, ó sì ní iná ní ilé ìdáná. Ó fá ojú kan, ṣùgbọ́n kò sun fọ́tò. Ohun tí ó yàn nìyẹn, kò sì yẹ kí ọmọ parí iṣẹ́ tí ìyá mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìparí. Ìdòwú kò kọ orúkọ kankan sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ku bí a ó ti tọ́jú èyí tí a yàn. Àwòrán dúdú-àti-funfun jẹ́ ẹ̀rún fàdákà tín-ín-tìn-ìn-tín tí a fi sínú ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi awọ àti egungun màlúù sè. Oúnjẹ ni ìpele yẹn jẹ́ fún aáyán àti fún èébu, bí omi bá sì kàn án, a rọ̀, a lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn fọ́tò mẹ́fà inú férémù fi lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Orí òkè Ọ̀kà máa ń tutù nígbà òjò, ọ̀rinrin a sì máa gbé ìgbà pípẹ́ nínú yàrá tí a kì í ṣí. Ìdòwú ti gbìyànjú láti fa ọ̀kan yọ, etí ojú bàbá rẹ̀ sì fẹ́ bá gíláàsì lọ. Ó jáwọ́. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya á láti òde gíláàsì, pẹ̀lú aṣọ dúdú tí a ta sí iwájú ẹni tí ń ya á, kí òjìji rẹ̀ má baà hàn nínú gíláàsì náà.

Fọ́tò aláwọ̀ ti àwọn ọdún 1970 inú álíbọ́ọ̀mù ti pupa bí ẹni da epo sí i. Àwọ̀ mẹ́ta ni a fi ṣe irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jọ búlúù nínú wọn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ṣá bí ó tilẹ̀ wà nínú òkùnkùn, pupa ni yóò wá borí. Kò sí ohun tí ó lè dá a padà lára bébà náà, nítorí náà àwọn ni ó yẹ kí a tètè ṣe ẹ̀dà wọn ṣíwájú àwọn dúdú-àti-funfun tí ó lágbára jù wọ́n lọ. Ìdòwú gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti kàn wọ́n gan-an, ó mú kí fóònù dúró gbọọrọ lókè wọn láìtan iná rẹ̀, ó ya iwájú, ó sì ya ẹ̀yìn tí ó kọ orúkọ sí.

Ní ti fíìmù mẹ́sàn-án, díẹ̀ ni ó kù kí ó jù wọ́n nù nítorí pé ojú funfun àti eyín dúdú ni wọ́n fi hàn á. Fíìmù ni ìyá, fọ́tò ni ọmọ. Ẹni tí ó ní fíìmù lè tẹ fọ́tò tuntun tí ó mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ó gbóòórùn wọn, nítorí fíìmù tí ó bá ti ń bàjẹ́ a máa rùn bí fínígà, a sì máa ran èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí rùn. Ó yà wọ́n sọ́tọ̀, ó sì kọ́kọ́ gbé wọn lọ fún onífọ́tò kí ó ṣe ẹ̀dà wọn. Àwọn tí ó kù wà nínú àpòòwé kọ̀ọ̀kan tí a fi bébà lásán ṣe, kì í ṣe nínú ọ̀rá, nítorí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni àpótí wà báyìí ní Ìkàrẹ́, kò kan ilẹ̀ nítorí ikán, kò sì sí lábẹ́ páànù nítorí ooru.

Ohun tí fíìmù tí a kò jù nù lè dà kò ṣòro láti fi hàn. Ní Ìbíní, Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí a bí ní 1911, ya fọ́tò àwọn ará ìlú àti ti ààfin Ọba fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ó sì tọ́jú fíìmù rẹ̀ títí ó fi kú ní 1994. Ní 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà nínú àwọn fọ́tò náà kì í ṣe olókìkí. Oníṣòwò ni wọ́n, ìyàwó àti ọmọ ilé ìwé, irú àwọn tí ó wà nínú agolo bisikíìtì ìyá Ìdòwú.

A bi Ìdòwú léèrè, ní ọjọ́ tí a lọ kí i ní Ìkàrẹ́, pé kí ni òun kọ sí ẹ̀yìn fọ́tò ìbejì náà. Ó mú un jáde láti inú àpòòwé rẹ̀, ó sì fi hàn wá. Pẹ́ńsùlù ni ó fi kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́ tí ó yéni: "Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún mẹ́ta, ni ó jókòó ní apá ọ̀tún. Kẹ́hìndé náà ni ó jókòó ní apá òsì, fún Táyé. Ìkàrẹ́, 1961. Àbúrò ìyá wa ni ó sọ ọ́, ní Ọ̀kà. Èmi tí mo kọ ọ́ ni Ìdòwú wọn."